«Àwọn tó wá» kọ́, «Àwọn tó wà níjokòó» ni

Ìpàdé tí àwọn kan jókòó sí nínú yàrá, tí àwọn yòókù sì wà lórí fídíò, làwọn kan ń pè ní ìpàdé àmúlùmálà. N kò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tí wọ́n ti pò pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè yà sọ́tọ̀ mọ́ là ń pè ní àmúlùmálà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ìpàdé yìí gan-an ni pé kó ya apá méjèèjì sọ́tọ̀. Ìpàdé alápá-méjì ni mo ń pè é.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àkọlé tí wọ́n ń fi sókè orúkọ àwọn èèyàn nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé: «Àwọn tó wá». Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń wá. Ẹni tó wọlé ní aago 10:00, tó sì lọ ní 10:05, ó wá, kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin ẹgbẹ́ ń bèèrè ni iye ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣèpinnu. Àwọn mìíràn ní ká kọ «Àwọn olùkópa». Ìyẹn tún burú jù: ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò la ẹnu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin wà lára iye tó gbọ́dọ̀ pé, àlejò tó sọ̀rọ̀ títí kò sí lára rẹ̀. «Àwọn tó wà níjokòó» ni mo fara mọ́. Wọ́n ní ẹni orí fídíò kò sí lórí àga wa, pé báwo ló ṣe wà níjokòó. Ìgbìmọ̀ ni a máa ń sọ pé ó wà níjokòó, kì í ṣe àga là ń sọ.

Ẹ wo ọkọ̀ èrò. Iye tó wọlé ní ibùdókọ̀ kọ́ ni iye tó wà nínú ọkọ̀ nígbà tó bá gun afárá, torí àwọn kan ti sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìpinnu ni afárá yẹn, ibẹ̀ ni akọ̀wé ti gbọ́dọ̀ tún èrò kà.

Ká ní ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án ni, tí òfin wọn sọ pé márùn-ún gbọ́dọ̀ wà níjokòó kí ìpinnu tó múlẹ̀, àti pé ẹni orí fídíò wà lára wọn. (Kì í ṣe gbogbo òfin ẹgbẹ́ ló gbà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ tiyín wò.) Mẹ́ta wà nínú yàrá, mẹ́ta wà lórí fídíò. Wọ́n dìbò yan ayẹ̀wé-owó-wò ní 10:52, kò sẹ́ni tó lòdì sí i. Àkọsílẹ̀ «Àwọn tó wá» yóò ní orúkọ mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ yóò dà bíi pé ó gún. Àkọsílẹ̀ tèmi nìyí:

10:40: Ẹnì kan nínú yàrá gbàyè, ó lọ. Ó ku márùn-ún.
10:47: Nẹ́tíwọ̀kì ẹnì kan lórí fídíò já. Ó ku mẹ́rin.
10:52: Ìbò lórí ayẹ̀wé-owó-wò. Mẹ́rin gbà.
10:58: Ẹni orí fídíò padà wọlé. Wọ́n di márùn-ún.

Ẹni mẹ́rin ló dìbò, ìpàdé kò pé, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ta ko ìpinnu náà pé kò múlẹ̀. Ní 10:47 ló yẹ kí akọ̀wé ti sọ̀rọ̀, kí alága dá ìbò dúró. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, kí wọ́n tún ìbò náà dì lẹ́yìn 10:58, kí ìbò méjèèjì sì wà nínú àkọsílẹ̀.

Àwọn kan ní Zoom máa ń kọ gbogbo èyí fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, fáìlì rẹ̀ ní «Join Time» àti «Leave Time», àǹfààní ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń kà, kì í ka èèyàn. Ẹni méjì tó jókòó síwájú fóònù kan di ẹyọ kan, ẹnì kan tó fi fóònù àti kọ̀ǹpútà wọlé di méjì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ «iPhone» kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jáde nínú yàrá, fáìlì náà kò rí i rárá. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ ti gan tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ṣì lè wà lójú ẹ̀rọ fúngbà díẹ̀ bí ẹni tó wà níjokòó.

Nítorí náà, bí ìbò bá dé, ẹ má béèrè pé «ṣé gbogbo wa gbà?» Ẹ pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, yàrá àti fídíò, kí kálukú fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn. Ìdáhùn yẹn ni ìbò rẹ̀, òun náà sì ni ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì tí kò dáhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí níjokòó lákòókò ìbò náà, ì báà jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ ṣì wà lójú ẹ̀rọ.