Kí Ọjà Tó Padà Bọ̀ Sípò, Ṣé Ìwọ Ṣì Wà Níbẹ̀?

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ pè mí wá sílé. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni wọ́n bí mi sí, Ìbàdàn ni mo ti ń bá àwọn èèyàn ra ṣíà, tí mo sì ń bá wọn tà á, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ààrẹ ẹgbẹ́ yín sọ fún mi pé bí owó ṣe ń yára pọ̀ lẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bá yín sọ nípa nǹkan tó ń lé èèyàn kúrò lọ́jà kí owó ẹ̀ tó ráyè pọ̀.

Dírọ́dáùn la máa ń pè é nídìí iṣẹ́ wa. Látibi tí owó ẹ ga dé jù, títí dé ibi tó rẹlẹ̀ sí jù kó tó tún gòkè, iye tó lọ láàárín méjèèjì nìyẹn. Tí 100,000 bá di 50,000, pasẹ́ńtì 50 lo pàdánù, àmọ́ pasẹ́ńtì 50 ò lè dá ẹ padà síbi tó o wà o, 100 ni, torí 50,000 tó ṣẹ́ kù ló máa ṣiṣẹ́ yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì ara ẹ̀. Tó bá já pasẹ́ńtì 20, èrè 25 máa gbé e padà. Tó bá já 70, ó di 233. Bó ṣe ń jìn sí i ni gígùn jáde ń le sí i, ó sì ń le ju bó ṣe jìn lọ.

Ọ̀pọ̀ yín ṣì kéré ní 2008. Lóṣù kẹta ọdún yẹn, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo gbogbo ṣíà lọ́jà Èkó lé ní 66,000. Gbogbo èèyàn ló ń ra ṣíà, tíṣà, télọ̀, awakọ̀, kódà àwọn báńkì ń yá èèyàn lówó kó fi ra ṣíà, wọ́n á sì fi ṣíà yẹn náà ṣe ìdúró, mágíìnì lóònù lorúkọ ẹ̀. Ìyá kan wà nígbà yẹn tó ń ta aṣọ ní Tákíé, mílíọ̀nù 2 náírà lówó tó kó jọ, báńkì yá a ní 2 míì, ó ra ṣíà mílíọ̀nù 4. Èmi ni mo gbé fọ́ọ̀mù lọ fún un, èmi ni mo fi ibi tó máa fọwọ́ sí hàn án, mi ò sì gbàgbé bínú ẹ̀ ṣe dùn lọ́jọ́ yẹn, ó ní tọ́mọ òun bá wọ yunifásítì, owó ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi bí gbogbo ọjà ṣe já ṣírò tiẹ̀. Nígbà tí 2008 fi máa parí, ìwọ̀n yẹn ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 31,450, ó ti ju ìlàjì tó lọ. Mílíọ̀nù 4 ti di nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9. Mílíọ̀nù 2 ló sì jẹ báńkì, a ò tíì ka èlé o. Ọjà pàdánù pasẹ́ńtì 53, ìyá yìí pàdánù gbogbo owó ẹ̀, gbèsè tún wà lọ́rùn ẹ̀. Ohun tí gbèsè ń ṣe nìyẹn, nígbà tí ọjà bá ń gòkè ó ń sọ èrè di méjì, tó bá ń já, ó ń sọ àdánù di méjì.

Ẹ lè sọ pé ṣebí ó yẹ kó tètè tà á. Ó gbìyànjú. Lóṣù kẹjọ ọdún 2008, wọ́n ṣòfin pé iye ṣíà kankan ò gbọ́dọ̀ já ju pasẹ́ńtì 1 lọ lójúmọ́, wọ́n rò pé ìyẹn máa mú ọjà lára dá, àmọ́ ẹni tó fẹ́ rà mọ̀ pé tóun bá dúró dọ̀la á tún dínwó sí i, ló bá jókòó. Ọ̀sẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ni mò ń kọ ìwé títà fún ìyá yìí tí ẹnikẹ́ni ò rà. Iye tó wà nínú ìwé kọ́ niye tówó máa fi wọlé sọ́wọ́ ẹ. Nígbà tí báńkì wá tà á fúnra wọn, ibi tó rẹlẹ̀ jù ni wọ́n tà á sí.

Ká ní ẹlòmíì ló ní mílíọ̀nù 2 yẹn, kò yáwó, ó fi mílíọ̀nù 1 ra ṣíà, ó fi ìyókù síbi tó ti ń jẹ èlé díẹ̀díẹ̀. Lópin ọdún yẹn, ṣíà ẹ̀ ti di nǹkan bíi 474,000, mílíọ̀nù 1 kejì wà pé, àpapọ̀ ẹ̀ mílíọ̀nù 1.47. Inú ẹ̀ ò ní dùn, ká sọ òótọ́. Àmọ́ ó ní owó lọ́wọ́ ní 2009 nígbà tí ṣíà pọ̀ ńlẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, tí ìwọ̀n yẹn ti wálẹ̀ sábẹ́ 20,000, kò sì sẹ́ni tó lè fipá mú un tà.

Ibi tó máa ń ru àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú rèé, ẹ jẹ́ n rọra ṣàlàyé ẹ̀. Ká sọ pé òwò kan ń mú pasẹ́ńtì 60 wá lọ́dún kan, ó sì ń já 40 lọ́dún kejì, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pín in, pasẹ́ńtì 10 lọ́dún ni, ó dáa lójú. Ẹ wá fi 100,000 sínú ẹ̀. Ọdún kìíní, 160,000. Ọdún kejì, 96,000. Ẹ ti pàdánù! Lẹ́yìn ọdún 10, nǹkan bíi 81,500 ló kù. Ẹ padà wá fi ìlàjì owó yín sínú òwò yẹn náà, kẹ́ ẹ di ìlàjì kejì mú láìjẹ èlé kankan, kẹ́ ẹ sì máa pín in sí méjì lákọ̀tun lọ́dọọdún. Ó di pé ẹ̀ ń jèrè 30, ẹ̀ ń pàdánù 20. Ọdún kìíní 130,000, ọdún kejì 104,000. Ọdún kẹwàá, 121,665. Òwò kan náà ni, ọdún kan náà, ẹni tó fi ìwọ̀nba sí i ló jèrè, ẹni tó kó gbogbo ẹ̀ sí i ló pàdánù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kelly ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ní 1956, pé iye kan wà téèyàn lè fi sínú òwò tó dáa kí owó ẹ̀ lè yára pọ̀ jù lọ. Téèyàn bá ti fi nǹkan bí ìlọ́po méjì iye yẹn sí i, òwò tó dáa yẹn ò ní mú owó ẹ̀ pọ̀ mọ́.

Ẹ má wá rò pé mò ń sọ pé kẹ́ ẹ rì owó mọ́lẹ̀ o, ọ̀wọ́n gógó máa jẹ ẹ́. Àti pé ẹni tí ò tà náà ò fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Ọdún 2023 ni ìwọ̀n ọjà yẹn tó dé ibi tó wà ní 2008, ọdún 15 gbáko, dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi 118 náírà nígbà yẹn sì ti lé ní 700. Ẹni tí gbogbo ṣíà ẹ̀ sì jẹ́ ti báńkì kan ṣoṣo lè má rí nǹkan kan gbà rárá, torí báńkì mẹ́ta ni wọ́n gba ìwé àṣẹ wọn ní 2011, àwọn tó ní ṣíà wọn ò rí kọ́bọ̀. Ọjà lápapọ̀ lè padà bọ̀ sípò, ilé iṣẹ́ kan lè má padà wá mọ́.

Tí oníbàárà bá wá bá mi báyìí, mi ò kọ́kọ́ bi í pé èló ló fẹ́ jèrè. Mo máa ń ní, tí owó yìí bá di ìlàjì lọ́la, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fọ́dún 3, ta ló lè ní kó o tà á? Báńkì ni? Lánlọ́ọ̀dù ni? Ṣé owó iléèwé ọmọ ló wà níbẹ̀? Iye tó bá ní ẹnì kankan ò lè fipá mú òun tà níbẹ̀, ìyẹn nìkan la máa fi ra ṣíà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú 600,000, a bá a débi tó ti sọ pé 450,000 nínú ẹ̀ jẹ́ owó ilé òun lóṣù kẹwàá. 150,000 la gbà lọ́wọ́ ẹ̀.