Háàdì Díráìfù Tó Ń Ró Kọ́, Kọ́, Kọ́: Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Fáírọ́ọ̀sì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ilọrin ló gbà pé bí háàdì díráìfù tí a ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà bá ń ró kọ́, kọ́, kọ́, tó ń yọjú tó sì tún ń pòórá, fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, àti pé bí wọ́n bá ti fọ́mátì rẹ̀, ó parí. Ìgbàgbọ́ yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fọwọ́ ara wọn pa iṣẹ́ tí ì bá ṣeé yọ jáde.

Nínú díráìfù náà ni àwo róbótó wà tó ń dán bíi dígí, èyí tó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan nínú púpọ̀ àwọn kékeré tí a ń gbé kiri. Apá tín-ín-rín kan ló di orí tó ń ka àwo náà mú. Orí yìí kì í fara kan àwo. Afẹ́fẹ́ tí yíyí àwo ń gbé dìde ló ń gbé e léfòó, àlàfo àárín wọn sì kéré dé ibi pé eruku lásán kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Àmì wà lára àwo tí orí gbọ́dọ̀ kà kó tó mọ ibi tó wà. Bí kò bá rí i kà, apá náà yóò sá padà síbi tó ti wá, yóò tún jáde lọ wá a, yóò tún padà. Ìlọ àti àbọ̀ yẹn ni ìró tí à ń gbọ́. Nígbà tó bá yá, díráìfù yóò jáwọ́, kọ̀ǹpútà kò sì ní rí i mọ́. Fáírọ́ọ̀sì lè ba fáìlì jẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣẹ́ orí tó ń kà á.

Ohun kan péré ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, òun náà ni iná. Wáyà tó ti gbó tàbí ihò kọ̀ǹpútà tí iná rẹ̀ kò tó lè mú kí àwo má yí dáadáa, kí ó sì máa dún. Ẹ fi wáyà kúkúrú mìíràn so ó tààrà mọ́ ara kọ̀ǹpútà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìró náà bá tún jáde, ẹ yọ ọ́.

Arábìnrin kan tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Tankẹ gbé tirẹ̀ wá bá mi. Díráìfù náà ti já bọ́ láti orí àga rọ́bà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, fọ́tò ìyàwó kan tí wọ́n ṣe ní Ọ̀fà sì wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ṣì ń yọjú díẹ̀díẹ̀." Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó dáwọ́ dúró. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé:

```
You need to format the disk in drive E: before you can use it.
```

Ohun tí èyí túmọ̀ sí kò ju pé kọ̀ǹpútà kò rí ètò fáìlì kà. Kì í ṣe ìmọ̀ràn tó yẹ kí a tẹ̀ lé. Ẹnì kan bá a fọ́mátì rẹ̀, kò gbà. Ẹlòmíràn lo èyí:

```
chkdsk E: /r
```

Àṣẹ yìí ń mú kí orí gbìyànjú láti ka gbogbo ojú àwo. Orí tó ti wọ́ máa ń ha àwo náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, nǹkan tín-ín-rín tí a kọ fọ́tò sí yóò sì di eruku. Nígbà tí wọ́n wá tú u lábẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ tí kò ní eruku, ilà kan ti yí ojú àwo náà po. Kò sí ẹni tó lè ka ohun tí orí ti ha kúrò.

Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e sínú fìríìsà sùn, nítorí àwọn kan ń sọ pé òtútù ń tún un ṣe. Ẹ wo bí ike omi tútù ṣe máa ń làágùn bí a bá gbé e síta ní Ilọrin: irú omi bẹ́ẹ̀ lè dì sójú àwo náà, orí yóò sì sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má gbá a, ẹ má mì ín, ẹ má sì tú ìdérí rẹ̀ nílé.

Iṣẹ́ tó kù ni kí ẹni tó ní àpótí afẹ́fẹ́ mímọ́ fi orí díráìfù mìíràn tó bára mu pààrọ̀ tirẹ̀, kí ó sì kọ́kọ́ da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ sórí díráìfù mìíràn kó tó wá fáìlì kankan. Owó rẹ̀ máa ń pọ̀, kò sì dájú pé gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde. Kí ẹ tó fi tiyín sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè ibi tí wọn yóò ti tú u. Bí wọ́n bá ní orí tábìlì tí fáànù ń fẹ́ sí níwájú yín náà ni, ẹ gbé e padà sílé.