Oorun ráńpẹ́ ọmọ ọwọ́: kí ló ń jí i ní ìṣẹ́jú 30?

Ìyá ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọ̀já, ó tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí òun sáré gbé iṣu kaná. Kí iṣu tó rọ̀, ọmọ ti lajú. Ẹ wo aago: ìṣẹ́jú 30 ni, bóyá 35. Lọ́la náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ìyá àgbà pọn ọmọ yìí kan náà, ó lè sun wákàtí kan ààbọ̀, kí orí rẹ̀ kàn máa mì lẹ́yìn wọn. Inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo àlàyé wà.

Oorun kì í lọ tààrà bí omi ẹ̀rọ. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní fẹ́rẹ́, ó wọra, ó tún padà di fẹ́rẹ́. Ìyẹn ni a ń pè ní ìyípo oorun. Ti àgbàlagbà ń gbà tó ìṣẹ́jú 90, ti ọmọ ọwọ́ kò ju nǹkan bí 50 lọ. Láàárín ìyípo kan sí èkejì, gbogbo wa ni a máa ń ta jí díẹ̀: a ó fa aṣọ bora, a ó yí ẹ̀gbẹ́, oorun á tún gbé wa lọ, a kò sì ní rántí. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40, ọmọ ọwọ́ ń jáde bọ̀ láti inú àsùnwọra. Ibẹ̀ ló ti máa rékọjá tàbí kó lajú.

Lóru, oorun tó ti kó jọ sí i lára pọ̀, ìyẹn á tì í rékọjá. Lọ́sàn-án, ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́ ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò. Ó wá ku ohun tó bá láyìíká rẹ̀. Ẹ̀yìn tó gbóná tó sì ń mì ló sùn lé. Ó ta jí, ó bá bẹ́ẹ̀dì tí kò mì. Tí ẹ bá sùn sí pálọ̀, tí ẹ lajú bá ara yín ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yin náà ò ní padà sùn. Ní ẹ̀yìn ìyá àgbà, nǹkan kan kò yí padà, ìrìn wọn ló sì ń rọ̀ ọ́ wọnú ìyípo kejì.

Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù márùn-ún, ẹ má dààmú. Oorun ọ̀sán máa ń pẹ́ ju ti òru lọ kó tó fìdí múlẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi ti pé oṣù mẹ́fà nígbà tí a jókòó tì í. Ọjọ́ mẹ́ta la fi kọ aago sílẹ̀ ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Aago 6:30 ló ń jí, 7:40 ni wọ́n ti ń fi oorun lọ̀ ọ́. Oorun kò tíì kó jọ sí i lára. A sún un sí 8:40, kó lè fi ojú sílẹ̀ fún wákàtí méjì ó lé díẹ̀. (Kí á má sì sún un jù: ọmọ tó ti rẹ̀ kọjá ààlà náà kì í sùn pẹ́.) Ohun kejì, wọ́n ń tẹ́ ẹ lójú oorun fẹ́rẹ́, kó tó sùn pátápátá, kó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ló rí kẹ́yìn. A fa kọ́tìnì, a tan fáànù.

Tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó àkókò tó máa ń jí, ìyá rẹ̀ á lọ jókòó tì í. Bó bá ti ń kùn, tó ń ta ẹsẹ̀, á rọra gbé ọwọ́ lé e láyà, á máa lù ú pẹ́pẹ́. Kò ní gbé e. Èyí ni àṣìṣe tí mo rí jù: ọmọ tó wà lójú oorun fẹ́rẹ́ máa ń kùn, ó lè yán, ó tilẹ̀ lè la ojú díẹ̀, a sì ti gbé e kí ó tó mọ̀ pé òun fẹ́ jí. Ẹ dúró ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Bó bá figbe ta, ó ti jí nìyẹn, ẹ gbé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, oorun àárọ̀ ti di wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ti ìrọ̀lẹ́ kò yí padà, ìṣẹ́jú 30 náà ni. A fi í sílẹ̀; oorun ìrọ̀lẹ́ gígùn a máa ba ti òru jẹ́.

Ẹnìkan ní kí wọ́n dá a dojú bolẹ̀, pé á pẹ́ sí i. Òótọ́ ni pé ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni pé kì í tètè ta jí, títa jí yẹn ló sì ń gba ọmọ là bí èémí bá fẹ́ há mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ni kó fi lélẹ̀, lórí fóòmù tó le, láìsí ìrọ̀rí. Bó bá sì ń hanrun lójoojúmọ́, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró, tàbí tí kò sanra, dókítà ló kàn.