Àbá iṣẹ́ àṣekágbá lórí igi AVL àti igi pupa-òun-dúdú

Àbá yìí jẹ́ ìwé kúkúrú tí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà máa ń gbé fún olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ọdún kẹta lísáǹsì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí, èdè Faransé sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kódà bó bá jẹ́ Yorùbá ni akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń jiyàn lórí rẹ̀. Igi AVL àti igi pupa-òun-dúdú jẹ́ ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà to nọ́ńbà pamọ́: nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà nínú nóòdù kan, èyí tó kéré a máa wà lápá òsì rẹ̀, èyí tó tóbi lápá ọ̀tún, gbòǹgbò sì ni nóòdù tó wà lókè pátápátá. Ohun tí àbá náà ń béèrè ni pé: bí a bá ń fi nọ́ńbà sínú igi méjèèjì, ṣé ọ̀nà tí nọ́ńbà ń gbà wọlé lè mú kí ọ̀kan ṣe dáadáa ju èkejì lọ?

Adelson-Velsky àti Landis ló gbé igi AVL jáde ní 1962. Òfin rẹ̀ le: ní nóòdù kọ̀ọ̀kan, gíga apá òsì àti apá ọ̀tún kò gbọdọ̀ fi ju ẹyọ kan lọ yàtọ̀ síra. Bayer ló fi ìpìlẹ̀ igi pupa-òun-dúdú lélẹ̀ ní 1972, Guibas àti Sedgewick sì sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní 1978. Òfin tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀: nóòdù pupa kò gbọdọ̀ bí pupa, iye nóòdù dúdú láti gbòǹgbò dé ìsàlẹ̀ sì gbọdọ̀ dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí igi bá fẹ́ tẹ̀ sápá kan, àwọn méjèèjì a máa yí nóòdù po, tí ọ̀kan yóò gòkè tí òmíràn yóò sì sọ̀kalẹ̀, kí igi lè padà bọ́ sípò. Igi pupa-òun-dúdú tún lè kàn pa àwọ̀ dà láìyí ohunkóhun.

Ọ̀nà ìwọlé tó yẹ kí àbá gbé yẹ̀wò kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìtẹ̀léra, irú èyí tó máa ń wáyé bí akọ̀wé méérì Kétu bá ń tẹ nọ́ńbà ìwé ìbí sínú kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé ńlá. Èkejì ni ìdàrúdàpọ̀, tí nọ́ńbà ń wọlé láìní ètò. Ẹ̀kẹta ni ìwọlé láti etí méjèèjì wá sí àárín: èyí tó kéré jù, èyí tó tóbi jù, kí a tún padà sí kékeré. Ìtẹ̀léra sísàlẹ̀ kò fi nǹkan kan kún un, nítorí òdìkejì àkọ́kọ́ lásán ni.

Ìtẹ̀léra ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Bí a bá fi 1 dé 7 sínú wọn ní tẹ̀léra, igi AVL yóò yí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin: nígbà tí 3, 5, 6 àti 7 wọlé. Igi pupa-òun-dúdú yóò yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré, nígbà tí 3, 5 àti 7 wọlé; ní ti 4 àti 6, ó kàn pa àwọ̀ dà ni. Bí wọ́n ṣe rí nìyí, AVL lókè, ìkejì nísàlẹ̀:

```
      4
    /   \
   2     6
  / \   / \
 1   3 5   7

   2
  / \
 1   4
    / \
   3   6
      / \
     5   7
```

Ipele mẹ́ta ni ti òkè, mẹ́rin ni ti ìsàlẹ̀, níbi tí 4, 5 àti 7 ti jẹ́ pupa tí ìyókù sì dúdú. Láti wá nọ́ńbà méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò kan nóòdù 17 nínú AVL àti 19 nínú èkejì.

Bí a bá mú iye náà dé 1,048,575, gíga AVL yóò jẹ́ 20, ti pupa-òun-dúdú yóò sì jẹ́ 38. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àbá ti máa ń sáré kéde pé AVL ti borí, èyí tí kò tọ̀nà. Ọ̀nà gígùn yẹn wà ní apá ọ̀tún pátápátá nìkan. Gbogbo ohun tó so mọ́ ọn lápá òsì dọ́gba dáadáa, nítorí náà bí a bá ń wá nọ́ńbà káàkiri, ìyàtọ̀ láàárín igi méjèèjì kò ju nǹkan bí ìdajì nóòdù kan lọ fún wíwá kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí 38 yẹn máa ń dunni ni ìgbà tí àwọn tó ń wá nǹkan bá ń wá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé jù lọ, bí òbí tó wá gba ìwé ìbí ọmọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbá tó bá fẹ́ ní láárí yóò ya wíwá káàkiri sọ́tọ̀ kúrò lára wíwá tuntun.

Ní ti ìdàrúdàpọ̀, kò sí ohun púpọ̀ láti retí. AVL máa ń tún ara rẹ̀ ṣe ní iye ìgbà tí kò tó ìdajì iye nọ́ńbà tó wọlé, igi méjèèjì sì máa ń sún mọ́ra ní gíga.

Ìwọlé láti etí méjèèjì ló máa ń tú àṣírí kíkà ìyípo tí kò péye. Ẹ jẹ́ kí á fi 1, 7, 2, 6, 3, 5, 4 sínú wọn. Nígbà tí 2 wọlé, igi méjèèjì nílò ìyípo alápá méjì, ìyẹn ìyípo kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tí 3 wọlé, ìyípo kan tó wọn. Lẹ́yìn náà, AVL yóò tún ṣe alápá méjì nígbà tí 5 wọlé, èkejì yóò sì ṣe é nígbà tí 4 wọlé. Àtúnṣe mẹ́ta ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìyípo márùn-ún sì ni bí a bá kà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Àmọ́ bí ẹni tó kọ ètò AVL bá kọ alápá méjì sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ka ẹyọ kan, tí ètò kejì sì ń pe ìyípo lẹ́ẹ̀mejì, èsì yóò jáde ní 3 sí 5. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé igi pupa-òun-dúdú ń yí jù, bẹ́ẹ̀ ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá kíkà òun péye lè fi nọ́ńbà méje yìí dán an wò kó tó fọwọ́ kan mílíọ̀nù.

Àkókò tún jẹ́ ọ̀ràn tirẹ̀. Ìtẹ̀léra sábà máa ń yára ju ìdàrúdàpọ̀ lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyípo rẹ̀ pọ̀ jù, torí apá kan náà nínú igi ni kọ̀ǹpútà ń tọ̀, ohun tó nílò sì wà nítòsí nínú ìrántí rẹ̀. Nítorí èyí, igi méjì ni a ń fi wéra lábẹ́ ọ̀nà ìwọlé kan. A kì í fi ọ̀nà ìwọlé kan wé òmíràn kí a sì dá ìyípo lẹ́bi. Bákan náà, fífi igi AVL tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ fúnra rẹ̀ wé `TreeMap` ti Java, tó jẹ́ igi pupa-òun-dúdú tí àwọn àgbà ti tún ṣe fún ọdún púpọ̀, kò bójú mu. Ọwọ́ kan náà ló yẹ kó kọ méjèèjì, kí iṣẹ́ wíwá inú wọn jẹ́ ọ̀kan. Bí iná bá lọ ní Àjàṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà alágbèéká sì bọ́ sórí bátìrì, ọ̀pọ̀ wọn a máa dín ìyára kù fúnra wọn: ìdánwò tí èyí bá ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀ ni a ó dànù, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Iye ìyípo kò yí padà nítorí iná, ìdí nìyẹn tó fi dára kí àbá fi í ṣe òdiwọ̀n àkọ́kọ́, kí àkókò tẹ̀lé e.

Ohun tí àbá yìí kò kàn ni ìyọkúrò. Bí a bá ń fi nọ́ńbà sínú igi, àtúnṣe kan ló tó fún AVL, ìyípo pupa-òun-dúdú kì í sì í ju méjì lọ. Bí a bá ń yọ ọ́, pupa-òun-dúdú kì í yí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ṣùgbọ́n AVL lè máa yí ní ipele lórí ipele títí dé gbòǹgbò. Àbájáde ìfisí nìkan kò lè sọ ohunkóhun nípa ìyẹn.