Bí oníbàárà bá ń pọ̀ sí i, àdánù náà lè máa pọ̀ sí i

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń dá ilé-iṣẹ́ agbóúnjẹ-délé sílẹ̀: kò burú bí owó bá ń jò báyìí, ẹ jẹ́ kí oníbàárà pọ̀ ná, èrè á wọlé tó bá yá. Ìgbàgbọ́ yìí ní ibi tó ti jóòótọ́, a ó sì dé ibẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń pàdánù lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan, bó bá rí ẹgbẹ̀rún sí i, àdánù ẹgbẹ̀rún ló rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Jumia kéde pé òun ń ti Jumia Food pa ní orílẹ̀-èdè méjèèje tó ti ń ṣiṣẹ́, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka oúnjẹ yìí, kò tíì jèrè rí. Bẹ́ẹ̀ oníbàárà kò wọ́n wọn: nínú gbogbo iye ọjà tó gba ọwọ́ Jumia kọjá ní oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ọdún yẹn, nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti oúnjẹ. Bolt Food náà fi Nàìjíríà sílẹ̀ lóṣù Kejìlá yẹn kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà lórí ilé-iṣẹ́ kékeré kan, ká ní Ìbàdàn ló wà. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye tí a fẹ́ lò. Ẹni tó bá ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, kó fi tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Oníbàárà kan ra oúnjẹ ₦6,000. Ó san ₦1,000 fún gbígbé e wá sílé, ó sì san ₦200 owó iṣẹ́, àpapọ̀ ₦7,200. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ní àwọn pa ₦7,200. Rárá o. Ti olóúnjẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí kọmíṣọ̀n bá jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ₦900 ló kàn wá lórí oúnjẹ náà. Fi ₦1,000 àti ₦200 kún un, ó di ₦2,100. Ìyẹn ni owó tó wọlé.

Ní báyìí, ẹ wo ohun tó jáde. Ráídà gba ₦1,300. Paystack tó ń bá wa gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ń yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti ₦100 lórí owó tó bá tó ₦2,500 sókè, kì í sì í ṣe orí ₦2,100 tiwa ló ti ń yọ ọ́. Orí gbogbo ₦7,200 ni, èyí jẹ́ ₦208. Ọbẹ̀ máa ń dà, ráídà máa ń ṣi ilé: bí a bá ní láti dá ₦6,000 padà lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 40, ₦150 ló kan ọjà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gbé ìpè àti owó àtẹ̀jíṣẹ́, ₦100. Kúpọ́ọ̀nù tí a ń fún àwọn oníbàárà àtijọ́, tí a bá pín in kárí, ₦100. Ohun tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ nínú ₦2,100 ni ₦242. A kò tíì san owó ilé, a kò tíì sanwó fún àwọn tó kọ áàpù.

Owó ráídà yẹn ni kí ẹ ṣọ́ jù. Tẹ́lẹ̀ òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nǹkan bí ₦190 ni lítà bẹntiróòlù kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ lórí epo, ilé epo NNPC ní Èkó ń tà á ní ₦488. Kọmíṣọ̀n wa kò mọ̀ pé epo gbówó lórí, oúnjẹ nìkan ló ń tẹ̀ lé. Ráídà ní tirẹ̀ mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó wá ku iye tí a ná kí ẹnì kan tó di oníbàárà wa. Ká ní lóṣù kan, a fi ₦1,600,000 polówó lórí Fesibúùkù, ènìyàn 2,500 sì gbé áàpù wa sórí fóònù. Ẹni tó ń bójú tó ìpolówó á fi 2,500 pín in, á ní ₦640 péré ni. Inú gbogbo ènìyàn á dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé áàpù sórí fóònù kì í ṣe oníbàárà. 800 nínú wọn ló ra nǹkan. Ìkọ̀ọ̀kan àwọn 800 yìí gba kúpọ́ọ̀nù ₦1,500 lórí ọjà àkọ́kọ́, ìyẹn ₦1,200,000. Owó oṣù àwọn tó ń ṣe ìpolówó jẹ́ ₦600,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦3,400,000. Pín in fún 800, oníbàárà kan ná wa ní ₦4,250.

Bí ₦242 bá ń ṣẹ́kù lórí ọjà kan, oníbàárà náà gbọ́dọ̀ rà á nígbà 18 kó tó dá owó tí a fi wá a padà. Ṣé á ra tó bẹ́ẹ̀? Ìwé tí wọ́n máa ń gbé síwájú olówó á ní oníbàárà ń rà lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù, fún oṣù 12, ₦2,100 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà iye rẹ̀ jẹ́ ₦75,600. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, owó tó wọlé ni wọ́n kà dípò owó tó ṣẹ́kù. Èkejì ló burú jù: wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni kò ní lọ.

Ẹ kó 100 ènìyàn tó kọ́kọ́ rà lóṣù Kìíní, kí ẹ máa tẹ̀ lé àwọn nìkan. Ká ní wọ́n ra 150 ọjà lóṣù yẹn. Lóṣù kejì, 40 ló padà wá, lẹ́yìn náà 28, 22, 18, 16. Bí àwọn tó kù bá ń rà lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù, ìyẹn 372, àpapọ̀ di 522 láàárín oṣù mẹ́fà, ọjà márùn-ún àti díẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Sọ ọ́ di ìlọ́po ₦242, kò ju ₦1,263 lọ. A ná ₦4,250 láti rí i. Àwọn 16 tó kù ṣì lè máa rà, ṣùgbọ́n wọn ò lè ru ẹrù àwọn 84 tó ti lọ.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti jóòótọ́ rèé: bí àwọn tó ń rà bá pọ̀ ní àdúgbò kan ṣoṣo, bíi Bódìjà, ráídà kan lè gbé ọjà méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fún un ní ₦1,700 fún méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan di ₦850. Bí ìdajì ọjà wa bá ń lọ báyìí, ohun tó ń ṣẹ́kù á gòkè láti ₦242 sí ₦467, ìgbà 18 á sì di 10. Ìyàtọ̀ ńlá ni, àmọ́ oníbàárà tó ń ra márùn-ún kò tíì débẹ̀. Ẹni tó sì kó 800 oníbàárà rẹ̀ kiri láti Òjóò dé Chálẹ́ńjì kò ní rí ọjà méjì gbé pọ̀. Pípọ̀ sójú kan ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe pípọ̀ lásán.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi kún owó ìpolówó, ẹ to àwọn tó kọ́kọ́ rà lóṣooṣù sí ìlà tiwọn, kí ẹ wo iye tó padà wá lóṣù kejì. Bí ìlà oṣù Kẹrin bá kéré sí ti oṣù Kìíní, kúpọ́ọ̀nù ni wọ́n ń bá wá. Ẹ tún wo àdírẹ́sì: bí nọ́ńbà fóònù mẹ́jọ bá ń gba oúnjẹ àkọ́kọ́ wọn ní yàrá kan náà nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì kan, ẹnì kan ló ń pààrọ̀ síìmù, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ sì ti san ₦1,500 fún un. Ẹ so kúpọ́ọ̀nù mọ́ fóònù fúnra rẹ̀ àti àdírẹ́sì, kí ẹ sì pín in sí mẹ́ta, ₦500 lórí ọjà àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹta. Ẹni tí kò bá padà wá kò ní gbà ju ₦500 lọ lọ́wọ́ yín.