Ibi Tí Ọ̀nà Àwọn Adájọ́ Méje Ti Pín

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìjàpọ̀, níbí l'Ákùrẹ́, ṣì máa ń sọ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní gómìnà lè ṣe alága ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹjọ́ tí Èyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́, olùdíje PDP, pè lórí ìbò gómìnà Oǹdó ti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ló ń sọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 2021, adájọ́ mẹ́rin dá ẹjọ́ náà nù, mẹ́ta kò fara mọ́ ọn.

Bí mo bá fẹ́ ké irú ìdájọ́ báyìí kúrú, ohun tí wọn ò jà sí ni mo kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀. Mai Mala Búnì jẹ́ gómìnà Yobe, òun náà ló ń ṣe alága fìdíhẹ fún APC nígbà tí ẹgbẹ́ náà kọ ìwé fi orúkọ Akérédolú, olùdíje rẹ̀, ránṣẹ́ sí àjọ elétò ìdìbò. Jẹ́gẹ́dẹ́ ní abala 183 òfin ìpìlẹ̀, tó ní gómìnà ò gbọ́dọ̀ di ipò aláṣẹ mìíràn mú, ti ba ìwé náà jẹ́. Ó pe APC lẹ́jọ́. Kò pe Búnì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti pín. Adájọ́ Agim, tó kọ ìdájọ́ àwọn mẹ́rin, ní a kì í dá ẹjọ́ ẹni lẹ́yìn ẹni: láìsí Búnì níbẹ̀, a ò lè pe ohun tó ṣe ní àìtọ́. Adájọ́ Mary Odili àti àwọn méjì yòókù ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni Búnì ń jẹ́, ẹgbẹ́ sì ti wà nílé ẹjọ́, ìyẹn tó. Wọ́n wá kọjá sórí abala 183, wọ́n ní ìwé náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe rọrùn láti ṣìnà. Ẹni tó bá kọ “mẹ́ta ní Búnì rú òfin, mẹ́rin ní kò rú u” ti fi ọ̀rọ̀ sí àwọn mẹ́rin lẹ́nu. Kí n tó kọ pé wọ́n takora, mo máa ń wá ìlà tí apá kejì ti dáhùn ìbéèrè kan náà. Bí mi ò bá rí i, wọn ò takora níbẹ̀, apá kan ò débẹ̀ ni. (Ẹ ka ohun tí adájọ́ kọ̀ọ̀kan kọ, torí ẹni méjì lè gbà lórí àbájáde kí ìdí wọn má dọ́gba.)

Bí mo ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi nìyí: “Ìbéèrè tó pín wọn: ṣé a lè gbọ́ ẹjọ́ yìí láìsí Búnì? Mẹ́rin ní rárá, ẹjọ́ sì parí síbẹ̀. Mẹ́ta ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì ní abala 183 ba ìwé náà jẹ́. Ti àwọn mẹ́rin ló di òfin.”

Ó pè mí padà. “Àbúrò, ṣé gómìnà wá lè ṣe alága ni àbí kò lè ṣe é?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìdájọ́ yẹn ò dúró lé ìyẹn.”