Bí a ṣe ń fi ẹni tí kò sí nílé sínú fọ́tò ẹbí

Gígé àwòrán ẹni náà kúrò nínú fọ́tò tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó le jù nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á tẹjú mọ́ etí fìlà àti ìka ọwọ́ fún wákàtí mẹ́ta, síbẹ̀ ẹni tó bá wo fọ́tò náà á ní, “Wọ́n lẹ lágbájá mọ́ ọn ni.” Kì í ṣe etí fìlà ló tú àṣírí.

Ẹ mú fọ́tò ẹbí kan tí wọ́n yà nírọ̀lẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, tí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti inú pálọ̀. Ìmọ́lẹ̀ la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ló ṣòroó tún ṣe jù. Ẹ wo òjìji abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n. Bó bá dojú kọ apá òdì, a lè yí ọmọ náà padà bíi ti inú dígí, àmọ́ fìlà tó gẹ̀ sọ́tùn-ún á gẹ̀ sósì, aago á bọ́ sọ́wọ́ kejì, ìyá rẹ̀ á sì rí i lójú ẹsẹ̀. Ó sàn kó tún fọ́tò yà.

Ìṣirò ni ti gíga. Bàbá ga ní ínṣì 68, ó sì gba píksẹ́lì 850 láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, láìka fìlà. Píksẹ́lì 12.5 ni ínṣì kan nìyẹn. Ọmọ tó ga ní ínṣì 72 yóò gba 900, bó bá dúró lórí ìlà kan náà pẹ̀lú bàbá. Bó bá wà lẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn la ó fi wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé fóònù sókè yà á, orí á tóbi, ẹsẹ̀ á kéré, kò sí ìṣirò tó lè gbà á. Ibi àyà bàbá ni kámẹ́rà wà. Ibẹ̀ náà ni kí tọmọ wà.

Fún àwọ̀, ẹ wá ohun funfun kan náà, bíi léèsì. Ti bàbá lè jẹ́ R, ìyẹn pupa, 228; G, àwọ̀ ewé, 230; B, búlúù, 236. Tọmọ lábẹ́ gílóòbù, R 240, G 224, B 190. Nínú Curves, irinṣẹ́ Photoshop tó ń tún àwọ̀ ṣe, ẹ gbé B sókè, kí ẹ sì rẹ R sílẹ̀. Ẹ má fi ara bàbá díwọ̀n ara ọmọ. Ọmọ ìyá kan náà kì í pupa bákan náà.

Ibi tó dùn mọ́ni jù nìyí. Fọ́tò ọmọ ga ní píksẹ́lì 3000 kí a tó sọ ọ́ di 900, ìsúnkì yẹn sì mú kó hàn kedere ju bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Bí aṣọ tuntun tí a fi lẹ ògbólógbòó ló rí: ìtuntun rẹ̀ gan-an ni àbùkù. Gaussian Blur, tó ń mú kí àwòrán má hàn kedere mọ́, ní píksẹ́lì 0.6 máa ń tó. Ẹ sún àwòrán sí 100%, kí ẹ fi ìpéǹpéjú ọmọ wé ti bàbá. Àmọ́ Blur á nu hóró wínníwínní bíi gaàrí tí àwòrán ìrọ̀lẹ́ máa ń ní. Add Noise 2% la fi ń dá a padà. Blur ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bí Noise bá ṣáájú, Blur á tún nù ún kúrò.

Ó ku ẹsẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ya ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín bàtà àti ilẹ̀ lórí léyà tí a fi sí Multiply, èyí tó ń mú ohun abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, kó dúdú jù níbi tí bàtà ti kan ilẹ̀, kó sì máa rọ̀ bó ṣe ń jìnnà. Láìsí i, ọmọ náà á dà bí ẹni tó ń fò.